Ta ni "wọ́n"? Àlàyé lórí ímeèlì iṣẹ́ tí kò sọ ẹni tó ṣe é

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Èkìtì á gbé iṣẹ́ omi jáde. Àwọn kan á máa dá owó láti Èkó àti Ìbàdàn, àwọn mìíràn láti òkè òkun, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ á sì máa lọ nílé. Ímeèlì akọ̀wé ni gbogbo wọn fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá á ka ímeèlì kan náà tán, wọ́n á pe akọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á sì bi í: ta ló fọwọ́ sí i? Ta ló máa lọ rà á? Akọ̀wé á fèsì pé òun ti kọ ọ́ sínú ímeèlì. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kò le. Ó wà nínú bí a ṣe ń hun gbólóhùn, àti nínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "wọ́n" àti "a".

Kí ni olùṣe, báwo ló sì ṣe ń sá kúrò nínú gbólóhùn?

Olùṣe ni ẹni tí ó ṣe ohun tí gbólóhùn ń sọ. Nínú "Akápò san owó náà", Akápò ni olùṣe. Gẹ̀ẹ́sì ní ìhun kan tó máa ń gbé owó síwájú, tí á wá ti Akápò sí ẹ̀yìn, tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá, gbólóhùn náà á sì dúró dáadáa láìsí i. Ìhun yìí ló kún inú ìwé ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́, ó sì ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lára débi pé bí a bá fẹ́ kọ ohun tó ní láárí, òun ni ọwọ́ wa máa ń lọ bá.

Yorùbá kò ní irú ìhun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà tiwa láti fi olùṣe pamọ́. Àkọ́kọ́ ni kí a fi "wọ́n" tàbí "a" sí ipò rẹ̀: "Wọ́n ti san owó náà." Ìkejì ni kí a jẹ́ kí nǹkan máa dá rìn bí ẹni pé ó ní ẹsẹ̀: "Owó ti jáde", "Iṣẹ́ ti dúró." Ìkẹta ni kí a sọ ohun tí ènìyàn ṣe di orúkọ, kí a wá ní ó wáyé: "Ìpinnu ti wáyé", "Ìdádúró dé bá iṣẹ́." Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣe é.

"Wọ́n", "a", "ó", "ẹ" àti irú wọn ni a ń pè ní arọ́pò-orúkọ nílé ìwé, nítorí pé wọ́n ń dúró fún orúkọ tí a kò fẹ́ máa tún pè. Kò sí aburú nínú wọn bí orúkọ tí wọ́n dúró fún bá wà nítòsí, tí ó sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí orúkọ méjì tàbí mẹ́ta bá wà tí ó lè bá a mu, òǹkàwé á fi èyí tó wù ú sí i.

Ímeèlì kan rèé

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú kan ní Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ ìlú yan ìgbìmọ̀ kan láti gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ. Wọ́n kọ́kọ́ pe ẹni tó máa ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò láti mọ ibi tí omi wà, kí wọ́n tó wá gbé iṣẹ́ fún agbẹ́kànga. Ẹnjinníà kan, ọmọ ìlú, ń bá wọn mójú tó iṣẹ́. Akọ̀wé wá kọ èyí:

> Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Iṣẹ́ omi wa ń tẹ̀ síwájú. Wọ́n ti gbẹ́ kànga náà tán, a sì ti san owó wọn. Nígbà tí wọ́n dán omi wò, a rí i pé kò tó bí wọ́n ṣe sọ. Wọ́n ní súmò kékeré ló máa bá a mu, ìpinnu sì ti wáyé lórí èyí. Owó gbígbẹ́ lé díẹ̀ sí ohun tí a fọwọ́ sí. Wọ́n jí wáyà tó wà níbẹ̀, èyí ló fa ìdádúró. Ẹ jọ̀wọ́, kí a tètè ra súmò náà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.

Yorùbá rẹ̀ dùn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìlú, tó ń rí iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, lè kà á kó má rí àbùkù kankan. Ẹni tó wà ní Èkó ni ọ̀rọ̀ máa rú lójú.

"Wọ́n" mélòó ló wà níbẹ̀?

Márùn-ún ni, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó gbẹ́ kànga ni agbẹ́kànga, ìyẹn yé wa. Ẹni tó sọ bí omi ṣe máa pọ̀ tó ni ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò. Ẹni tó jí wáyà ni olè. Àwọn méjì tó kù ló ṣòro.

"Wọ́n dán omi wò": ta ni? Bí kànga bá tán, a máa ń fi pọ́ǹpù fa omi rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, a ó sì máa wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí agbẹ́kànga fúnra rẹ̀ bá ṣe é, òun ló ń fún ara rẹ̀ ní máàkì. Bí ẹnjinníà ìlú bá ṣe é, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gbólóhùn akọ̀wé gba méjèèjì, ẹni tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gba àbájáde náà gbọ́ kò rí ohun tó máa dì mú.

"Wọ́n ní súmò kékeré ló máa bá a mu" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Súmò ni pọ́ǹpù tí a ń rì sínú kànga. Èyí tí agbára rẹ̀ bá ju omi inú kànga lọ á fa omi náà tán, á máa yí lórí òfìfo, kò sì ní pẹ́ jóná. Èyí tó bá kéré jù kò ní lè gbé omi dé orí táǹkì. Nítorí náà, ẹni tó sọ iye agbára tí súmò gbọ́dọ̀ ní ni a máa padà lọ bá bí nǹkan bá bàjẹ́. Nínú ímeèlì yìí, ó lè jẹ́ agbẹ́kànga, ó lè jẹ́ ẹnjinníà. Ó tún lè jẹ́ Alága, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún náà ni "wọ́n" lẹ́nu wa. Ọmọlúwàbí kì í sọ pé "ó ní" nípa Olóyè. Ìdí nìyí tí "wọ́n" fi máa ń rú ni lójú nínú ímeèlì: a ò mọ̀ bóyá èèyàn púpọ̀ ni tàbí àgbà kan.

Ohun mìíràn tún wà tí "kò tó bí wọ́n ṣe sọ" ń ṣe. Ó ń fẹ̀sùn kàn láìdárúkọ. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì, inú ibi tó sán nínú àpáta náà àti inú èyí tó ti rà lókè rẹ̀ sì ni omi máa ń wà. Ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí omi sì má tó bó ṣe fojú bù ú. Ìyẹn lè má jẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kò ti sọ ẹni tó sọ ọ́ àti iye tó sọ, ojú burúkú la máa fi wo gbogbo àwọn tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà.

"A" ńkọ́? Ṣé gbogbo wa ni?

"A ti san owó wọn": Akápò ni. "A rí i": ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, bóyá akọ̀wé. "Ohun tí a fọwọ́ sí": gbogbo ìgbìmọ̀ ni, ní ìpàdé. Mẹ́ta nìyẹn, ìtumọ̀ kò dọ́gba. Èyí tó kẹ́yìn ni mo kórìíra jù: "kí a tètè ra súmò náà." Kò sí ẹnikẹ́ni nínú "a" yìí. Ẹni tó bá dúró láàárín agbolé tí ọmọ mẹ́wàá wà, tó kígbe pé "Ẹ gbé odó wá!", á rí i pé kálukú á máa wo ẹnì kejì rẹ̀, iyán á sì pẹ́. Bó bá pe ọmọ kan lórúkọ, odó á dé. "Kí a" àti "ẹ jọ̀wọ́" tí a fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kò yàtọ̀ sí igbe yẹn.

Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá kọ "ìgbìmọ̀" dípò "a", wọ́n ti yanjú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ lè pinnu nǹkan, nítorí ìpinnu jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn púpọ̀ lè jọ ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kì í wọ ọkọ̀ lọ sí Adó lọ ra súmò. Ẹnì kan ló ń lọ. Bí ẹni méjì bá máa lọ, kí a sọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, kí a wá sọ ẹni tó máa bá a lọ.

Ta ló pinnu nínú "ìpinnu ti wáyé"?

Níbí ni àtúnṣe ti máa ń fi ohun tó ju ọ̀rọ̀ lọ hàn. Ká ní a bi akọ̀wé pé ta ló pinnu, tó sì dáhùn pé, "Àwa díẹ̀ tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀." Àṣé ìpinnu kankan kò tíì wáyé. Àbá ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ka ímeèlì náà lókèèrè á gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán, kò sì ní sọ èrò tirẹ̀. "Lórí èyí" náà ń ṣe bákan náà: ṣé lórí pé omi kò tó ni, àbí lórí súmò kékeré?

"Owó gbígbẹ́ lé díẹ̀" tún wá burú ju ìyẹn lọ. Iye mítà ni agbẹ́kànga sábà máa ń gba owó lé lórí. Bí owó bá lé, ẹnì kan ló sọ fún un pé kó máa gbẹ́ lọ. Owó kì í lé fúnra rẹ̀.

Ṣé àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà ń dá kún un?

Ó ń dá kún un gan-an ni. Fóònù lọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tẹ ímeèlì, a kì í sì í fi àmì sí i. Wo gbólóhùn yìí:

```
O ti san owo agbekanga. A ra sumo.
```

"O ti san" túmọ̀ sí pé ìwọ tí à ń kọ̀wé sí ti san án. "Ó ti san" túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ló san án. Bí Akápò bá rí èyí, ṣé òun ni wọ́n ní ó ti san, àbí Alága? Gbólóhùn kejì kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ "a ra", àwa tí a ti rà á, ó sì lè jẹ́ "á ra", ẹnì kan tí yóò rà á. Orúkọ ń dá irú wàhálà yìí dúró kódà bí àmì kò bá sí. "Akapo ti san owo agbekanga" kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Báwo la ṣe ń tún un kọ?

Kí o tó fi ímeèlì ránṣẹ́, kà á láti òkè délẹ̀, kí o sì bi gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ léèrè pé "ta ni?" Ta ló gbẹ́? Ta ló san? Ta ló rí i? Ta ló máa rà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "wọ́n", "a" tàbí "owó", gbólóhùn náà kò tíì parí. Lórí kọ̀ǹpútà, tẹ `Ctrl+F`, kí o wá "wọ́n" kiri, kí o sì tún wá `won` tí kò ní àmì, kí ọ̀kankan má baà fò ọ́.

Bí o bá rí olùṣe, fi í síwájú. Yorùbá ti fún wa ní ohun èlò fún èyí, ìyẹn "ni": "Akápò ni yóò ra súmò." Má gbé "láti ọwọ́ Akápò" wá sí ìparí gbólóhùn bí ẹni ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí o kò bá mọ olùṣe, má ṣe méfò. Pè kí o béèrè, nítorí pé orúkọ tí a ṣì fi síbẹ̀ burú ju "wọ́n" lọ. Bí o kò bá sì rí ìdáhùn kí ímeèlì tó lọ, kọ ọ́ pé o kò tíì mọ̀, kí o sì sọ ẹni tí yóò wádìí rẹ̀.

Ímeèlì àpẹẹrẹ wa lẹ́yìn tí akọ̀wé ti pe èèyàn mẹ́ta lórí fóònù rèé (ọjọ́ àti iye owó jẹ́ ti àpẹẹrẹ náà):

> Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.
>
> Agbẹ́kànga parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá. Mítà 72 ló gbẹ́. Mítà 60 ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ní ìpàdé. Alága ló sọ fún agbẹ́kànga lórí fóònù pé kí ó gbẹ́ mítà 12 tó lé, nítorí pé omi tó wà ní mítà 60 kéré jù. Owó mítà 12 náà jẹ́ ₦240,000. Akápò ti san gbogbo owó agbẹ́kànga ní ọjọ́ 14. Alága yóò ṣàlàyé owó tó lé náà ní ìpàdé tó ń bọ̀.
>
> Ẹnjinníà wa ló dán omi wò, fún wákàtí 6. Lítà 0.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló rí. Lítà 1.2 ni ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò ti fojú bù fún wa. Ẹnjinníà wá dámọ̀ràn pé kí súmò wa jẹ́ agbára ẹṣin 1 dípò 1.5. Ìgbìmọ̀ kò tíì pinnu lórí àbá yìí. Mo fẹ́ kí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan dá mi lóhùn kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
>
> Wọ́n jí wáyà ibi iṣẹ́ ní òru ọjọ́ 15. Ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ rí i, èmi akọ̀wé ni mo lọ sọ fún ọlọ́pàá. A kò lè so súmò títí Akápò yóò fi ra wáyà mìíràn.
>
> Bí ìgbìmọ̀ bá gba àbá náà, Akápò ni yóò ra súmò àti wáyà ní Adó kí ó tó di ọjọ́ 28. Ẹnjinníà yóò bá a lọ, yóò sì yẹ̀ wọ́n wò kí Akápò tó sanwó.

Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n kò sì rò pé àbùkù ni. Wo ohun tó jáde níbẹ̀ tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́: pé ẹnì kan ló fọwọ́ sí mítà 12 láìtíì dé ìpàdé, pé ìdí tó nítumọ̀ wà fún un, àti pé ìpinnu súmò ṣì wà nílẹ̀. Àmọ̀ràn kékeré kan: nínú ímeèlì gidi, kọ orúkọ ènìyàn mọ́ ipò rẹ̀. Akápò ọdún yìí lè má jẹ́ Akápò ọdún tó ń bọ̀, ímeèlì náà á sì ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé ó burú nígbà gbogbo?

Rárá. "Wọ́n jí wáyà" ṣì wà nínú èyí tí a tún kọ, nítorí pé a kò mọ olè náà lóòótọ́. Ohun tí a fi kún un ni àwọn olùṣe tí a mọ̀: ẹni tó rí i, ẹni tó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹni tó máa ra òmíràn. Bákan náà ni "a kò lè so súmò" kò ní orúkọ nínú, nítorí pé ohun tó dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń sọ. Bí ọmọṣẹ́ kan bá sì fọ́ páìpù kan tí agbẹ́kànga ti pààrọ̀ rẹ̀, n kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú. "Páìpù kan fọ́, agbẹ́kànga ti pààrọ̀ rẹ̀" tó.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí: fún ohun tó ń bọ̀ níwájú, orúkọ jẹ́ dandan. Fún ohun tó ti kọjá, orúkọ lè fò bí kò bá ní ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi ṣe, àfi tí owó bá wà nínú rẹ̀.

Ṣé kò ní dà bí àrífín láti dárúkọ àgbà?

Ẹ̀rù yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ akọ̀wé sá sábẹ́ "wọ́n", mi ò sì bá wọn jà. Ipò ló ń yanjú rẹ̀. "Alága ló fọwọ́ sí mítà 12 tó lé" kò ní àrífín kankan nínú. Bó bá jẹ́ olóyè, kọ oyè rẹ̀ ní kíkún ní ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, o lè lo "wọ́n" fún un nínú ìpínrọ̀ yẹn, bí kò bá ti sí ẹlòmíràn tí "wọ́n" lè jẹ́ níbẹ̀. Kọ ìdí tó fi ṣe é mọ́ ọn pẹ̀lú, bí akọ̀wé wa ti ṣe, kí ó má baà dà bí ẹjọ́ tí à ń rò mọ́ ọn. Kí o sì pè é kí ímeèlì tó lọ. "Ẹ ń lẹ́ o, bàbá, mo ti kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bí ó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó dára kí o gbọ́ ọ nísinsìnyí ju kí o gbọ́ ọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ lọ.

Bí irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ńkọ́?

Má béèrè pé "Ta ló fa èyí?" Akọ̀wé á rò pé ìjà lo gbé wá, á sì tún kọ "wọ́n" mìíràn sí ọ. Kọ ohun tó yé ọ padà sí gbogbo ènìyàn, kí o fi orúkọ sí ibi tí orúkọ kò sí, kí o sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí ó bá yẹ: "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Bó ṣe yé mi ni pé Akápò ló máa ra súmò, àti pé ẹnjinníà ló sọ iye agbára rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ orúkọ tó yẹ sí i." Bí kì í bá ṣe Akápò, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fèsì.